Bátìrì 200Ah méjì, iṣẹ́ wọn kò dọ́gba

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo bá ẹgbẹ́ àwọn onílé kan sọ ní Àkóbọ̀, Ìbàdàn, tí mo wá jókòó kọ sílẹ̀ lẹ́yìn náà

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìjókòó, ẹ sì kú ìfarabalẹ̀. Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ yín pè mí pé kí n wá sọ̀rọ̀ nípa bátìrì ìnfátà, ẹyọ ohun kan péré ló ní kí n là yé yín. Ó ní òun lọ sí Dùgbẹ̀, wọ́n fi bátìrì olómi méjì han òun, 200Ah ni wọ́n kọ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tún fi lítíọ́mù kan han òun, 200Ah náà ni wọ́n kọ sí i, àmọ́ owó rẹ̀ ju ìlọ́po méjì owó àwọn méjì ti ìṣáájú lọ. Ó wá bi mí pé: "Ẹ̀yin ẹnjiníà, ṣebí 200 kan náà ni? Kí ni mo fẹ́ fi owó tó lé yẹn rà?"

Ìbéèrè gidi ni. Òun ni màá dáhùn lónìí. Ṣọ́ọ̀bù ìyá kan ní Bódìjà ni màá sì fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí èmi ni mo tú bátìrì rẹ̀ tó kú sílẹ̀, mo sì mọ ohun tó pa á.

Ohun mímu tútù ni ìyá yìí ń tà. Fírísà kan, fáànù méjì, tẹlifíṣọ̀n kan àti gílóòbù mélòó kan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù náà. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, tí a sì yọ àsìkò tí fírísà bá ń sinmi, nǹkan bíi 500 wáàtì ni wọ́n ń fà. Bátìrì túbúlà olómi méjì ni wọ́n so tẹ̀ léra fún un, tí wọ́n di 24 fóòtì. Ní oṣù àkọ́kọ́, bó bá tan ìnfátà ní aago 7 alẹ́, ó di nǹkan bí aago 2 òru kó tó pa ara rẹ̀. Inú ìyá dùn. Nígbà tó fi máa pé oṣù 14, aago 9 kì í lù bá a mọ́. Ó ní ẹni tó ta bátìrì fún òun ní kí òun lọ ra òmíràn, ṣùgbọ́n òun fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ná.

Mo ṣí ìdérí ojú bátìrì náà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Mo fi iná tọ́ṣì wò ó: àwọn páànù òjé inú rẹ̀ ti funfun bí ẹni pé wọ́n fi ẹfun kùn wọ́n. Mo fi haidirómítà, ohun tó ń wọn bí ásíìdì inú omi bátìrì ṣe pọ̀ tó, fa omi rẹ̀ wò. Bátìrì tó kún máa ń fi nǹkan bí 1.265 hàn, èyí tí mo rí níbẹ̀ jẹ́ 1.150 ní ojú mẹ́ta, 1.100 ní ojú kan. Mo gbé e lọ sílé, mo ṣáàjì rẹ̀ fún odidi ọjọ́ kan, kò kọjá 1.190. Ìyẹn ni pé bí ó tilẹ̀ ti gba iná títí tó fi kọ̀, ìdajì ló kún dé. Ìyókù ti di òkúta sára òjé.

Kí n tó sọ bó ṣe dà bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí a ń wọ̀n. Gbogbo yín lẹ mọ yúnìtì tí ẹ ń rà sínú mítà. Yúnìtì kan ni iná tí ohun tó ń fa 1,000 wáàtì máa jẹ ní wákàtí kan. kWh ni wọ́n ń kọ ọ́ lójú mítà. Bátìrì náà, yúnìtì ló ń kó pamọ́. Èyí tí wọ́n kọ sí i lára, 200Ah, ìyẹn iye ámpì lọ́nà iye wákàtí, ẹ fi fóòtì rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ sì fi 1,000 pín in. Bátìrì olómi méjì ní 24 fóòtì: 24 lọ́nà 200 jẹ́ 4,800, ìyẹn yúnìtì 4.8. Lítíọ́mù tí a ń sọ yìí, 25.6 fóòtì ni, torí sẹ́ẹ̀lì 8 ló wà nínú rẹ̀, 3.2 fóòtì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. 25.6 lọ́nà 200 fún wa ní yúnìtì 5.12. Lójú ìwé, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn dúró sí nìyẹn, ibẹ̀ gan-an ni owó sì ti ń bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ẹ rántí àmù tí àwọn ìyá wa ń pọn omi sí. Omi ló kún un láti òkè dé ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ máa ń wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lò kì í fi igbá gbo ìsàlẹ̀ àmù. Bátìrì olómi, tí a tún ń pè ní olójé nítorí òjé inú rẹ̀, nìyẹn. Láti ọdún 1859 tí Gaston Planté, ará Faransé, ti ṣe é, ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀: bí a bá ń lò ó, òjé àti ásíìdì á pàdé, wọ́n á di súlféètì lára páànù. Bí a bá ṣáàjì rẹ̀, súlféètì náà á yọ́ padà sínú omi. Tí a bá lò ó díẹ̀ tí a sì tètè dá a padà, súlféètì yẹn ṣì rọ̀, wẹ́rẹ́ ló ń yọ́. Bí a bá lò ó dé ìsàlẹ̀, ó máa nípọn. Bí a bá tún fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́jú, ó máa le. Èyí tó bá le kì í yọ́ mọ́. Ẹfun tí mo rí lára páànù ìyá Bódìjà nìyẹn.

Ìdí rẹ̀ nìyí tí àwa tó ń ṣiṣẹ́ yìí fi ń sọ pé ìdajì ni kí ẹ lò nínú bátìrì olójé. Kò sí òfin kan tó ní kí ìnfátà pa ara rẹ̀ ní ìdajì o. Ọ̀pọ̀ ìnfátà, ilé iṣẹ́ ti ṣètò wọn pé kí wọ́n máa fa bátìrì títí dé 10.5 fóòtì lórí bátìrì kọ̀ọ̀kan. Níbẹ̀, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́. Tiẹ̀ ìyá yìí, 10.5 náà ló wà, kò sì sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e sílẹ̀. Aago 2 òru tí inú rẹ̀ ń dùn sí, ìsàlẹ̀ àmù ló ń gbo lálaalẹ́.

Nǹkan kejì wà tó tún ń dín in kù. 200Ah tí wọ́n kọ sára bátìrì olójé, bí ẹ bá fi wákàtí 20 fà á ni, ìyẹn ámpì 10 péré. Ẹ wo ara bátìrì dáadáa, ẹ lè rí C20 níbẹ̀; ìtumọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Bí ẹrù bá wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ, bátìrì náà kì í fún yín ní 200 mọ́. Ní ọdún 1897 ni Wilhelm Peukert, ará Jámánì, ti gbé ìṣirò rẹ̀ kalẹ̀, orúkọ rẹ̀ la sì ń fi pe ìṣirò náà títí dòní:

```
t = H × (C / (I × H))^k
```

H ni wákàtí tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n, C ni 200, I ni ámpì tí a ń fà, k sì ni nọ́ńbà tó ń sọ bí bátìrì ṣe ń kó àárẹ̀. Fún bátìrì olójé tó dára, k lè jẹ́ 1.2; fún lítíọ́mù, kò jìnnà sí 1. Ẹrù ìyá Bódìjà jẹ́ 500 wáàtì. Ìnfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ díẹ̀, nítorí náà nǹkan bí 555 wáàtì ló ń kúrò nínú bátìrì, tó jẹ́ ámpì 23. Ẹ fi 23 sínú ìṣirò yẹn, ẹ ó rí i pé wákàtí 7 àti díẹ̀ ni bátìrì náà máa gbà kó tó gbẹ, àròpọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 169Ah dípò 200. Aago 7 alẹ́ sí aago 2 òru, ẹ rí i pé ìṣirò àti ohun tí ìyá fojú ara rẹ̀ rí bára mu. 169Ah yẹn jẹ́ yúnìtì 4 péré. Ìdajì rẹ̀, èyí tí ó yẹ kó máa lò, jẹ́ yúnìtì 2.

Mo fẹ́ kí ẹ dúró lórí èyí díẹ̀. Wọ́n kọ 4.8, ó di 4, ó di 2. Kò sí jìbìtì nínú rẹ̀, àkọlé yẹn kò parọ́. Ohun mìíràn ló ń wọ̀n, ohun tó yàtọ̀ sí èyí tí ẹ fẹ́ lò.

Ní ti lítíọ́mù, irú tí wọ́n ń kọ LiFePO4 sí lára ni mò ń sọ. Kì í ṣe irú tó wà nínú fóònù yín. Ibi iṣẹ́ John Goodenough ní Texas ni wọ́n ti gbé irú èyí jáde láàárín ọdún 1990 sí 1999, bàbá náà sì wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2019 nítorí iṣẹ́ lórí bátìrì lítíọ́mù. Nínú rẹ̀, kò sí súlféètì tó ń le. Láti ìhà kan sí ìhà kejì ni lítíọ́mù ń rìn lọ rìn bọ̀, bí èèyàn tó ń wọlé tó ń jáde. Ẹ lè fa ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún lójoojúmọ́ láìsí wàhálà. Ìdá 80 nínú 5.12 jẹ́ yúnìtì 4.1. Bẹ́ẹ̀ ni ámpì 23 kò ba ìṣirò rẹ̀ jẹ́. Nítorí náà, nígbà tí bátìrì olójé méjì fún ìyá ní yúnìtì 2 tí kò ní pa á lára, lítíọ́mù tí àkọlé rẹ̀ jẹ́ 200 kan náà fún un ní ìlọ́po méjì.

Ọ̀rọ̀ ṣíṣáàjì ló tẹ̀ lé e. Mo gbà pé òun ló ń pa bátìrì jù ní Ìbàdàn níbí. Bátìrì olójé máa ń tètè gba iná títí tó fi dé nǹkan bí ìdá 80. Ìdá 20 tó kù, díẹ̀díẹ̀ ló ń gbà á: ámpì á máa lọ sílẹ̀, á di 15, á di 8, á di 3. Wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè lọ síbẹ̀ nìkan. Ẹni tí iná ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ fún wákàtí mẹ́fà tàbí méje lójúmọ́, bó bá fa bátìrì gbẹ lálẹ́, kò lè rí i kó kún tán láéláé. Ìgbà gbogbo ni díẹ̀ nínú súlféètì máa ń ṣẹ́ kù. Lọ́la, díẹ̀ á tún kún un. Lítíọ́mù kò bìkítà bóyá ó kún tàbí kò kún. Bó bá dúró sí ìdá 60 fún ọ̀sẹ̀ kan, kò ṣe é ní nǹkan kan. Bí ìnfátà bá lè fún un ní ámpì 40, 160Ah tí ìyá lò lálẹ́ á padà wọlé ní bíi wákàtí mẹ́rin.

Ooru náà wà níbẹ̀. 25 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ṣíọ́sì ni àwọn tó ṣe bátìrì olójé fi kọ ọjọ́ orí rẹ̀. Bí ooru bá fi 10 lé sí i, ẹ̀mí rẹ̀ á dín kù sí nǹkan bí ìdajì. Ẹ̀yìn fírísà ni wọ́n gbé bátìrì ìyá sí, níbi tí fírísà ń tu ooru sí. N kò ní wọ̀n ọ́n mọ́, ẹ ti mọ bí ibẹ̀ ṣe máa gbóná tó. Ooru ń yọ lítíọ́mù náà lẹ́nu, àmọ́ kì í tètè pa á bẹ́ẹ̀.

Ó wá kan owó. Iye tí màá lò yìí, mo fi ṣe ìṣirò ni. Bí ẹ bá dé ọjà, ẹ fi iye tí wọ́n bá na sí yín rọ́pò rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ní bátìrì túbúlà kan jẹ́ ₦300,000, méjì di ₦600,000. Ẹ jẹ́ ká ní lítíọ́mù 25.6 fóòtì, 200Ah, jẹ́ ₦1,300,000.

Ìwé tó máa ń bá túbúlà tó dára wá lè sọ pé bí ẹ bá ń lo ìdajì rẹ̀, tí ẹ sì ń dá a padà kó kún, ó máa ṣe é nígbà 1,200 kó tó rẹ̀ ẹ́. Ìgbà kan ni kí ẹ lò ó lálẹ́, kí ẹ sì ṣáàjì rẹ̀ ní ọ̀sán. 1,200 lọ́nà yúnìtì 2 jẹ́ yúnìtì 2,400. Ẹ fi pín ₦600,000: ₦250 ni yúnìtì kọ̀ọ̀kan. Ìwé lítíọ́mù máa ń sọ 4,000, òmíràn 6,000. Ẹ má jẹ́ ká gbà á bẹ́ẹ̀. 3,000 ni màá fi ṣe é, nítorí ìgbà 3,000 jẹ́ ọdún mẹ́jọ ó lé díẹ̀, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé owó rẹ̀ lé ohun tó kọjá ìyẹn. 3,000 lọ́nà 4.1 jẹ́ yúnìtì 12,300. Ẹ fi pín ₦1,300,000: nǹkan bí ₦106 ni yúnìtì kan.

Mo gbọ́ bàbá kan tó ń sọ pé iná tí a fi ṣáàjì rẹ̀ ńkọ́. Bàbá sọ òótọ́. Kí bátìrì olójé tó lè dá yúnìtì kan padà fún yín, ẹ máa ti ná bíi yúnìtì kan àti ìdá kan nínú mẹ́rin sí i. Ìyókù di ooru àti afẹ́fẹ́ tó ń hó jáde nínú omi rẹ̀. Lítíọ́mù ń jẹ bí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí yúnìtì kan bá jẹ́ ₦200 lọ́wọ́ àwọn tó ń ta iná, ₦50 ló ń ṣòfò lórí yúnìtì olójé kọ̀ọ̀kan, nǹkan bí ₦10 lórí ti lítíọ́mù. ₦300 wá dojú kọ ₦116. Ẹ jẹ́ ká ṣe ẹ̀tọ́ fún olójé náà o: bó bá kú, àwọn tó ń ra bátìrì tó ti kú á fún yín lówó, torí òjé tó wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá fún yín ní ₦80,000 lórí méjèèjì, ó yọ bí ₦33 kúrò lórí yúnìtì kan. Ẹ ti rí i pé kò tó láti dí àlàfo náà.

Ìyẹn ni bátìrì olójé tí wọ́n lò dáadáa. Ti ìyá Bódìjà ńkọ́? Oṣù 14 jẹ́ nǹkan bí alẹ́ 420. Ó bẹ̀rẹ̀ ní yúnìtì 4 lálẹ́, ó parí ní nǹkan bíi 1. Bí a bá mú 2.5 láàárín, gbogbo ohun tó rí gbà lára bátìrì náà jẹ́ yúnìtì 1,050. ₦600,000 pín sí 1,050 jẹ́ ₦571 lórí yúnìtì kan, kí a tó kan iná tó fi ṣáàjì rẹ̀. Ó rò pé òun ra èyí tí owó rẹ̀ mọ. Mo ṣe ìṣirò yìí lójú rẹ̀ lórí páálí ohun mímu. Ó wò ó, ó ní kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe.

Ó wá bi mí pé, kí ló yẹ kí wọ́n ti gbé fún òun láti ọjọ́ àkọ́kọ́ bó bá jẹ́ pé olójé náà ni? Ìbéèrè yẹn dára gan-an. Ohun tó nílò lálẹ́ jẹ́ yúnìtì 4. Kí olójé tó lè fún un ní 4 láìfọwọ́ kan ìsàlẹ̀ àmù, mẹ́rin ló yẹ kó rà, kì í ṣe méjì. Mẹ́rin jẹ́ ₦1,200,000. Ẹyọ lítíọ́mù kan tó máa ṣe iṣẹ́ kan náà jẹ́ ₦1,300,000. Ẹ wò ó: ìyàtọ̀ tó dà bí òkè nínú ọjà, nígbà tí a ro iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe, ó di ₦100,000. Ẹ tún lè yí i padà: ẹni tí yúnìtì 2 lálẹ́ bá tó, lítíọ́mù 100Ah ni kó béèrè owó rẹ̀, kì í ṣe 200Ah, nítorí ìdá 80 nínú 2.56 jẹ́ yúnìtì 2 àti díẹ̀. Akọ̀wé wa tó ń fi 200 wé 200 ní Dùgbẹ̀, ohun tí kò dọ́gba ló ń fi wéra.

N kò wá ta lítíọ́mù fún ẹnikẹ́ni níbí, nítorí náà mo gbọ́dọ̀ sọ ibi tí olójé ti ṣì ń borí. Ẹni tí iná rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ, tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni bátìrì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ìṣirò tiẹ̀ yàtọ̀. Bátìrì náà ń darúgbó níbi tó jókòó sí. Ká ní ìgbà 40 ló ń lò ó lọ́dún, tó sì ń fa yúnìtì 2 nígbà kọ̀ọ̀kan. Bí olójé bá bá a lo ọdún márùn-ún, yúnìtì 400 ló máa fún un, ₦1,500 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí lítíọ́mù 200Ah bá bá a lo ọdún mẹ́wàá, yúnìtì 800 ni, ₦1,625. Owó lítíọ́mù kì í dín kù àfi bí ẹ bá ń lò ó. Yúnìtì tí ẹ kò fà jáde, ẹ ti san owó rẹ̀, kò sì ní padà wá.

Ẹni tó bá sì fẹ́ máa lo olójé rẹ̀ nìṣó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí rewáyà yín gbé ibi tí ìnfátà ń pa ara rẹ̀ sókè kúrò ní 10.5, 11.8 fóòtì lórí bátìrì kọ̀ọ̀kan sàn jù fún ẹrù bíi ti ìyá yìí. Ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan láìfi ẹrù kankan lé e, kí ẹ wá wọ̀n ọ́n: 12.7 ti kún, 12.2 ti dé ìdajì. Omi bátìrì nìkan ni kí ẹ máa bù sí i, kì í ṣe ásíìdì, kì í sì í ṣe omi kànga.

Lítíọ́mù ní àwọn ọ̀fìn tiẹ̀. Èyí tó léwu jù ni àkọlé tó ń parọ́. Àwọn kan ń tú sẹ́ẹ̀lì àlòkù, wọ́n ń tò ó sínú àpótí tuntun, wọ́n á kọ 200Ah sí i. Ẹ kọ́kọ́ gbé e wò. Sẹ́ẹ̀lì LiFePO4 200Ah tòótọ́ kan wúwo tó nǹkan bíi kílò mẹ́rin. Mẹ́jọ rẹ̀ pẹ̀lú àpótí yẹ kó sún mọ́ kílò 40. Èyí tí ọmọdé bá lè fi ọwọ́ kan gbé kò lè jẹ́ 200. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tó san owó tán, ẹ ṣáàjì rẹ̀ kún, ẹ fi ẹrù 500 wáàtì lé e, kí mítà tó ń ka yúnìtì wà láàárín bátìrì àti ìnfátà, ẹ jẹ́ kó fà á títí tí BMS rẹ̀, ìyẹn pátákó tó ń ṣọ́ sẹ́ẹ̀lì, fi máa pa á. Ó yẹ kí ẹ rí yúnìtì 5 tàbí ohun tó sún mọ́ ọn. Bí ẹ bá rí 3, 120Ah lẹ rà. Ó máa ń gbà bíi wákàtí mẹ́sàn-án. Ẹni tó bá ní àyè kò sí fún un, kí ẹ gbé owó yín padà sápò.

Ẹ má ṣe fi fóòtì wọ̀n ọ́n bí ẹ ṣe ń wọn olójé. Fóòtì lítíọ́mù kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí láti ìdá 90 títí dé ìdá 20. Ẹ ó máa rò pé ó ṣì kún, á kàn pa lójijì. Ẹ tún wo ámpì tí BMS lè gbé: bó bá jẹ́ 100, nǹkan bí 2,500 wáàtì ni òpin rẹ̀. Ẹni tó bá tan áyọ́ọ̀nù àti mọ́tọ̀ omi pọ̀, á rí i pé gbogbo ilé á ṣókùnkùn, bẹ́ẹ̀ bátìrì kún. Èyí tó kẹ́yìn: bí ẹ bá gbé lítíọ́mù sídìí ìnfátà tó ti ń lo olójé, kí wọ́n yí ètò rẹ̀ padà. Olójé ní ṣáàjì líle kan tí wọ́n fi ń fọ páànù rẹ̀, tó lè gun òkè 30 fóòtì. Sẹ́ẹ̀lì mẹ́jọ kò gbọ́dọ̀ kọjá 29.2, èmi máa ń fi sí 28.4. Bí wọ́n bá gbàgbé rẹ̀, BMS á máa pa bátìrì lásìkò tó ń gba iná, ẹ ó sì rò pé bátìrì ló bàjẹ́.

Ìyá Bódìjà ra lítíọ́mù náà. Ó fi owó bátìrì tó ti kú kún un, ó sì dá àjọ oṣù mẹ́ta sí i. A gbé e kúrò lẹ́yìn fírísà, a gbé e sórí pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, a so mítà kékeré mọ́ ọn tó ń ka gbogbo ohun tó bá jáde. Lẹ́yìn oṣù mẹ́wàá, mo dúró níbẹ̀ láti mu omi. Mo tẹ mítà náà, ó kọ 1,126 kWh. Ìyá bi mí pé kí ni ìyẹn. Mo ní yúnìtì tí bátìrì yìí ti fún un ni, àti pé àwọn méjì ti ìṣáájú kò fún un tó bẹ́ẹ̀ títí tí wọ́n fi kú. Ó wọlé lọ, ó mú páálí tí a fi ṣe ìṣirò lọ́jọ́ náà jáde lábẹ́ káńtà, ó ní kí n kọ 1,126 sí abẹ́ 1,050.